Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe lè yọ àwọ̀ ewé kúrò lára léèsì funfun?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé ìyafọ́tò ni mo ní ní abúlé kan lẹ́bàá Ìsẹ́yìn. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kun aṣọ ẹ̀yìn tí àwọn oníbàárà ń dúró síwájú rẹ̀: òdòdó, àtẹ̀gùn, ọkọ̀ òfuurufú. Mo ti ya fọ́tò aṣọ náà báyìí, mo sì ń kọ́ bí a ṣe ń fi GIMP, ètò àtúnṣe fọ́tò lórí kọ̀ǹpútà, gbé ènìyàn lé e.

Ẹsẹ̀ wọn kọ́kọ́ ń léfòó, àfi ìgbà tí mo fi ìpele tuntun sáàárín, tí mo yí i sí Multiply, tí mo kun òjìji fẹ́ẹ́rẹ́ sábẹ́ bàtà.

Léèsì ló wá kù. Ìyá kan wọ funfun, ó dúró sún mọ́ aṣọ aláwọ̀ ewé tí mo ta sẹ́yìn rẹ̀ kí n lè gé e jáde, àwọ̀ náà sì ta sí gbogbo etí léèsì àti ihò rẹ̀. Bí mo bá dín àwọ̀ ewé kù, gèlè rẹ̀ oníwúrà á pọ́n bí ọsàn. Ṣé kí n fi Layer Mask dá gèlè sí ni, àbí kí n tún un yà pẹ̀lú aṣọ aláwọ̀ eérú? Yàrá mi kéré, kò sí àyè láti sún un síwájú. Ọjọ́ Sátidé ni ìyá ń bọ̀ wá gba fọ́tò.