Àbọ̀ lórí lẹ́tà agogo aládàáṣiṣẹ́: ọ̀gá ti fọwọ́ sí i

Ìbéèrè mi: "Báwo ni mo ṣe máa kọ iye owó àti ìtọ́jú agogo tí Àdúínò, pátákó kọ̀ǹpútà kékeré, ń tẹ̀, tí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wa l'Ọ́fà á fi gbà?"

Ìmọ̀ràn Bọ̀dá oníṣẹ́-iná ló jẹ́: mo ya owó ìtọ́jú sọ́tọ̀, mo sì kọ ọ́ pé bọ́tìnì àfọwọ́tẹ̀ ò ní kúrò.

Ẹni tó ní ká lo DS3231, ẹ̀rọ kékeré tó ń mọ àkókò fún Àdúínò, tọ̀nà dé ìdajì. Aago rẹ̀ kì í fi ju nǹkan bí ìṣẹ́jú kan yẹ̀ lọ́dún, ṣùgbọ́n pátákó ZS-042 tí wọ́n to DS3231 sí máa ń ṣáájì bátìrì CR2032, tí kò ṣeé ṣáájì, ó sì lè wú. Ẹ yọ résísítọ̀ tí wọ́n kọ 201 sí, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dáyóòdù.



Ó ku ọ̀rọ̀ iná. Bí NẸ́PÀ bá mú un lọ, aago á mọ àkókò, agogo ò ní dún. Ọ̀gá kò tíì fọwọ́ sí owó ìnfátà. Ẹ ṣeun.