Àbọ̀ ọ̀rọ̀ bẹ́ǹṣì prẹ́ẹ̀sì mi: irin ti gbéra

Ìbéèrè mi: «Kí ni kí n yí padà kí n lè kúrò lórí 90 kílò?»

Mo ti gbé 95. Ẹ ṣeun gan-an. Ẹni tó béèrè ibi tí irin ti ń há ló là mí lójú: díẹ̀ lókè àyà ni. Ní báyìí, mo máa ń fa èjìká méjèèjì pọ̀ sẹ́yìn, mo ń fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ ṣinṣin, mo sì ń jẹ́ kí irin dúró díẹ̀ láyà kí n tó tì í sókè síhà èjìká.

Tẹ́lẹ̀, sẹ́ẹ̀tì mẹ́ta ni, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, títí apá á fi kọ̀. Ó ti di ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀: 75 kílò, sẹ́ẹ̀tì márùn-ún, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí agbára ẹ̀ẹ̀kan tàbí méjì ṣì kù. Ìsinmi ìṣẹ́jú kan ti di mẹ́ta. Ẹ̀yìn ìyẹn ni sẹ́ẹ̀tì tó gbẹ̀yìn tó dà bí àkọ́kọ́.

Ẹ̀gbọ́n tó ní oúnjẹ nìkan ló kù, oúnjẹ ṣe pàtàkì lóòótọ́, àmọ́ ìwọ̀n ara mi ò yí padà. Ẹni tí èjìká ń dùn, tèmi ò dùn mí o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ rí dókítà.

Nínú ọ̀nà tí mo ń gbà gbé irin, ètò sẹ́ẹ̀tì àti ìsinmi, èwo ló ṣiṣẹ́ jù? Mi ò lè sọ, torí ẹ̀ẹ̀kan náà ni mo yí gbogbo rẹ̀ padà.