Àsọtẹ́lẹ̀ ni àbí àsọtẹ̀lé? Lórí "àbọ̀dún" àti ìwé ọjà tí a dà rú

Ọmọ Kàbà:

Okun gbogbo ilé o. Mo ń kọ ìwé kékeré kan ní Yorùbá lórí bí a ṣe ń fi ọjà oṣù tó ti kọjá mọ iye tí a máa tà lóṣù tó ń bọ̀. Ibi tí ọjà ń wọ́ lọ láti ọdún dé ọdún ni mo pè ní ìtẹ̀sí, gíga àti wíwálẹ̀ rẹ̀ tó ń padà wá lọ́dọọdún ni mo pè ní àbọ̀dún, iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ni mo pè ní àsọtẹ̀lé. Ìwé ọjà ìyá mi tó ń ta ajílẹ̀ ní Kàbà ni mo lò, oṣù 48, láti 2021 dé òpin 2024. Mo da àwọn oṣù náà rú, mo fi 36 kọ́ kọ̀ǹpútà, mo fi 12 tó kù dán an wò. Àpò mẹ́rin péré ló fi ń ṣì í lóṣù kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí oṣù kẹfà 2025 dé, ó ní àpò 157, ìyá mi ta 174. Níbo ni mo ti ṣì í? Ẹ sì bá mi yẹ àwọn ọ̀rọ̀ náà wò. Ìwé ọjà náà àti kóòdù mi nìyí, mo fi wọ́n ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀.

Olùkọ́ Ìyàrà:

Ọmọ mi, okun. Inú mi dùn pé Yorùbá lo fi ń kọ ọ́, ìdí sì nìyẹn tí n kò fi ní dákẹ́. Àbọ̀dún kì í ṣe ọ̀rọ̀. Ta ló máa gbọ́ ọ tí kò ní rò pé ìdajì ọdún lò ń wí? Àbọ̀ inú "kú àbọ̀" àti àbọ̀ inú "aago méjì àbọ̀", ohùn kan náà ni, dò dò. Kí ló dé tí o fi ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ sílẹ̀? Ọdọọdún là ń rí orógbó, ọdọọdún là ń rí awùsá, ọdọọdún là ń rí ọmọ obì lórí àtẹ. Ọdọọdún nìyẹn, àwọn bàbá wa ti parí ẹ̀.

Èyí tó tún bà mí nínú jẹ́ ni "àsọtẹ̀lé". Tẹ́lẹ̀ ni, mí dò. Ìwọ kọ ọ́ ní dò mí. Ohun tí a sọ kó tó ṣẹlẹ̀ ni àsọtẹ́lẹ̀, ohun tí a sọ tẹ̀ lé ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ni àsọtẹ̀lé. Olùkọ́ tó kọ́ mi ní àmì ohùn máa ń fi ìka lu tábìlì fún ohùn kọ̀ọ̀kan títí tí yóò fi wọ̀ wá létí. Kò sí irú rẹ̀ mọ́.

Ní ti dída oṣù rú, n kò rí àṣìṣe níbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ra àpò gàrí kì í wo òkè nìkan. Yóò tọwọ́ bọ àárín, yóò tọwọ́ bọ ìsàlẹ̀. Bí a ṣe ń mọ òótọ́ ohun tó wà nínú àpò nìyẹn.

Oníkajú Ẹgbẹ̀:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé. Kajú ni èmi ń rà, láti oṣù kejì dé oṣù karùn-ún, lẹ́yìn náà ó di ọdún míì. Ṣé kọ̀ǹpútà yìí lè sọ iye tí wọ́n máa ra kílò kan lọ́dún tó ń bọ̀? Nítorí oṣù kejì 2023 kò kúrò lọ́kàn mi. Wọ́n pààrọ̀ owó, owó tuntun kò sí, ti àtijọ́ kò ṣe é ná. Àgbẹ̀ gbé kajú wá láti oko, mo ń wò ó, kò sí owó tí mo máa fún un. Bí kọ̀ǹpútà bá ka oṣù yẹn, á ní oṣù kejì kì í mú ọjà wá. Irọ́ ni.

Oníṣirò Ìsánlú:

Ẹ kú ilé sà, Bàbá Olùkọ́. Inú àmì ohùn tí ẹ tọ́ka sí yẹn ni ìdáhùn wà. Àbúrò mi ṣèèṣì kọ òtítọ́: ohun tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ṣe, àsọtẹ̀lé ni lóòótọ́.

Àbúrò, wo oṣù kẹfà nìkan nínú ìwé ìyá rẹ. Àpò 120 ní 2021, 132 ní 2022, 146 ní 2023, 160 ní 2024. Ká ní nígbà tí o da oṣù rú, oṣù kẹfà 2023 bọ́ sí apá ìdánwò, àwọn yòókù sì wà ní apá ìkọ́. 132 ti ọdún tó ṣáájú wà lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà, 160 ti ọdún tó tẹ̀ lé e náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kàn dúró sáàárín méjèèjì, ó sì bọ́ sí nǹkan bí 146. O wá yìn ín. Ṣùgbọ́n ní oṣù karùn-ún 2025 tí ìyá rẹ fẹ́ mọ iye àpò tó máa kó, ta ló fún un ní ìwé ọjà 2026? Ìdánwò tí o ṣe bi kọ̀ǹpútà ní ìbéèrè kan, ọjà bi í ní òmíràn.

Bàbá, ọ̀rọ̀ gàrí yín tọ̀nà fún gàrí. Ẹ̀kúnwọ́ tòkè kọ́ ló bí ẹ̀kúnwọ́ tìsàlẹ̀, bí a bá sì gbọn àpò náà, gàrí kan náà ni. Nínú ọjà, oṣù ló ń bí oṣù. Bí a bá gbọn ìwé ọjà, a ti ba ohun tí a fẹ́ mọ̀ jẹ́.

Ohun kejì tún wà tí dídàrú yẹn fi pa mọ́. `RandomForestRegressor`, ìyẹn igbó àwọn igi ìpinnu, ni mo rí pé o lò, ọdún àti oṣù lo sì fún un. Ìpíndọ́gba àwọn iye tó ti rí nìkan ni irú ẹ̀ ń mú wá, kò lè sọ iye tó ju èyí tó ga jù lọ nínú ohun tó kọ́. 160 ló ga jù nínú ìwé rẹ. Ọjà ìyá rẹ sì ń gòkè ní bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. 174 kò sí ní ìkáwọ́ rẹ̀ rárá, kódà bí o bá fún un ní òru mẹ́wàá láti fi ṣiṣẹ́. Nínú oṣù tí a dà rú, iye ńlá tó kẹ́yìn sábà máa ń wà ní apá ìkọ́, nítorí náà àbùkù yìí kì í yọjú.

Má ṣe dà á rú. Fi àlà sí i bí a ṣe ń fi àlà sáàárín oko, kí ohun tó wà lẹ́yìn àlà má rékọjá:

```python
iko   = df[df["osu"] < "2024-01-01"]
idanwo = df[df["osu"] >= "2024-01-01"]
```

Lẹ́yìn náà, kó o tó gbé igbó ńlá kankan dìde, ṣe èyí tí ìyá rẹ lè fi orí ṣe. Mú iye oṣù kan náà ti ọdún tó kọjá, sọ ọ́ di púpọ̀ bí gbogbo ọjà ọdún náà ṣe pọ̀ ju ti ọdún tó ṣáájú rẹ̀ lọ. Ó ta 792 ní 2022, 876 ní 2023. 876 pín sí 792 jẹ́ 1.106. Fi ṣe ìlọ́po 146, ó di 161. Ohun tó tà ní oṣù kẹfà 2024 ni 160. Bí kọ̀ǹpútà kò bá borí ìṣirò yìí lẹ́yìn àlà, kò tíì kọ́ nǹkan kan.

Kí ló dé tí mo fi ní ìlọ́po, tí n kò ní kó o ròó pọ̀? Ní 2021, oṣù kìíní jẹ́ 20, oṣù kẹfà 120, àlàfo wọn 100. Ní 2024, 27 àti 160, àlàfo 133. Àlàfo ń fẹ̀ bí ọjà ṣe ń dàgbà, ṣùgbọ́n oṣù kẹfà ṣì jẹ́ ìlọ́po méjì ìpíndọ́gba ọdún rẹ̀. Òjò kò yí padà, àwọn oníbàárà ló ń pọ̀.

Ìyá Oníkajú, ẹ ṣé gan-an. Iye àpò ni àbúrò ń wá, kì í ṣe iye owó. Owó kajú, ọjà òkèèrè àti dọ́là ló ń darí rẹ̀, ìwé yín nìkan kò lè sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ sọ nípa oṣù kejì 2023 ṣe kókó. Ọdún mẹ́rin péré ni ìwé àbúrò, oṣù kejì mẹ́rin. Bí ọ̀kan nínú mẹ́rin bá jẹ́ oṣù tí kò sówó nígboro, yóò fa gbogbo oṣù kejì wálẹ̀. Kó fi àmì sí i pé ti ọdún náà nìkan ni.

Ọmọ Mọ̀pà:

Kí ni gbogbo wàhálà yìí? Ẹ kọ `shuffle=False`, ìyẹn má dà á rú, sínú `train_test_split` tó ń pín oṣù, ó parí.

Oníṣirò Ìsánlú:

Ó dára tí àwọn oṣù bá ti tò tẹ̀ léra nínú fáìlì. Tí wọn kò bá tò, ibikíbi ni àṣẹ yẹn máa gé. Bí àbúrò bá tún fẹ́ fi `seasonal_decompose` yọ ìtẹ̀sí jáde, kó má ṣe é kó tó pín oṣù. Ìpíndọ́gba tí ìyẹn ń lò, tí a kò bá yí i padà, àárín ló ń dúró sí: ó ń wo oṣù mẹ́fà ẹ̀yìn àti oṣù mẹ́fà iwájú. Ọ̀la ti wọlé kó tó ti ilẹ̀kùn. Ohunkóhun tó bá máa ka ìwé ọjà, inú apá ìkọ́ nìkan ni kó ti kà á.

Ọmọ Kàbà:

Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Mo fi àlà sí òpin 2023. Kọ̀ǹpútà tí mo yìn tẹ́lẹ̀ wá ń fi àpò bíi mẹ́jọ ṣì í lóṣù kan, kò sì kọjá 146 ní oṣù kẹfà. Ìṣirò ìyá mi kò fi ju àpò méjì ṣì í. Mo tún gbé àlà padà sí òpin 2022, ó rí bákan náà. Mo ti fi 160 ṣe ìlọ́po ìdàgbàsókè 2024, ìyẹn 1.096, fún oṣù kẹfà 2025, ó fún mi ní 175.

Bàbá, mo ti tún àmì ohùn ṣe. Ṣùgbọ́n ìdajì, ààbọ̀ ni, à méjì. Nítorí náà àbọ̀dún kò lè jẹ́ ìdajì ọdún.

Olùkọ́ Ìyàrà:

Mo gba ọ̀rọ̀ àlà. Ó yé mi ju bí mo ṣe rò lọ, èmi náà yóò sì dẹ́kun fífi gàrí ṣe àpẹẹrẹ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbára lé ìtẹ̀sí yẹn jù. Ìgbà ò lọ bí òréré, ayé ò lọ bí ọ̀pá ìbọn. 1.096 ti ọdún kan kò ní ìwé ẹ̀rí pé yóò ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún kejì. Ní ti ààbọ̀, n kò gbà. Ọdọọdún ni ọ̀rọ̀ náà.

Oníkajú Ẹgbẹ̀:

Bàbá, ọdọọdún náà kò pé. Ọdún wo? Èmi tún ń ta ohun mímu fún àwọn tó ń wálé Àjíǹde. Ní 2023, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹrin ni Àjíǹde. Ní 2024, ọjọ́ 31 oṣù kẹta ni. Ní 2025, ó padà sí ogúnjọ́ oṣù kẹrin. Ọdún kan náà ni, oṣù rẹ̀ ń ṣí kiri. Bí wọ́n bá fi oṣù kẹrin 2023 sọ ti 2024 fún mi, mo gbé kéréètì jókòó. Kí ni ẹ máa pe ìyẹn?

Oníṣirò Ìsánlú:

Ìyá, ẹ ti bi mí ní èyí tí n kò ní ọ̀rọ̀ fún. Nínú ìṣirò, a ó ṣí ojú ewé tirẹ̀ fún Àjíǹde: oṣù tó bá bọ́ sí gba 1, oṣù yòókù gba 0, Ìtúnu Ààwẹ̀ náà bẹ́ẹ̀, nítorí ó ń fi bí ọjọ́ mọ́kànlá sún síwájú lọ́dún. Orúkọ ló kù.

Olùkọ́ Ìyàrà:

N ó ronú sí ti Àjíǹde. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní à méjì ló wà nínú àbọ̀ ní Ìyàrà, kó sọ àgbà tó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀.