Ìwé àdéhùn wà lọ́wọ́ oníbàárà, ọjọ́ iṣẹ́ ń sún mọ́lé: ẹ sọ ìrírí yín

Onípáànù Kubwa

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Iṣẹ́ òrùlé ni mo ń ṣe níbí ní Abuja. Mo fẹ́ sọ ohun tí ojú mi rí lórí ìwé àdéhùn kan lọ́dún 2025, kí ẹ̀yin náà sọ tiyín.

Ilé kan ní Gwarinpa ni. Alhaji kan, ọmọ Ọ̀fà, ló ni ín. A ti fẹnu kò sí ₦9,000,000, wọ́n á san ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún sílẹ̀, a ó sì bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, 14 oṣù kẹrin. Alhaji fúnra wọn ló mú ọjọ́ yẹn, torí wọn ò fẹ́ kí òjò ńlá bá ilé náà ní ìhòòhò.

Ọjọ́rú, 12 oṣù kẹta, ni mo fi ìwé ránṣẹ́ lórí Wasáàpù, ojú ewé mẹ́fà. Ààwẹ̀ ni wọ́n wà nígbà náà. Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, mo kọ ọ́ sí wọn pé, "Ẹ kú ààwẹ̀, Alhaji. Ṣé ẹ ti rí ìwé yẹn wò?" Wọ́n ní àwọn á wò ó. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, mo tún béèrè bákan náà, wọ́n tún dá mi lóhùn bákan náà. Inú ti ń bí mi díẹ̀. Àṣé ìbéèrè mi ni kò dáa. Ẹni tá a bi pé ṣé ó ti rí nǹkan wò, "màá wò ó" ló máa sọ, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, mo mú bírò, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ padà sẹ́yìn láti 14 oṣù kẹrin. Igi gbọ́dọ̀ dé sáìtì lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó ṣáájú. Kó tó kúrò ní ọjà igi Dei-Dei, a ti gbọ́dọ̀ fi sọ́lígínọ́ọ̀mù kùn ún kí ikán má baà jẹ ẹ́, ká sì fún un ní ọjọ́ méjì kó gbẹ. Àwọn onígi ń gba ọjọ́ mẹ́rin láti là á sí ìwọ̀n tí mo fẹ́. Bí mo ṣe ń kà á, owó gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ wọn ní Ọjọ́bọ̀, 3 oṣù kẹrin. Ọdún ìtúnu ààwẹ̀ sì máa bọ́ sí 30 tàbí 31 oṣù kẹta, ìsinmi á tẹ̀ lé e, kò sẹ́ni tó máa buwọ́ lu nǹkan kan láàárín ìyẹn. Àṣé ọjọ́ Ẹtì, 28 oṣù kẹta, gan-an ni gbèdéke mi, mi ò sì tíì sọ fún Alhaji rárá. Wọ́n rò pé àwọn ṣì ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko nílẹ̀.

Ohun tí mo kọ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé nìyí:

"Alhaji, ẹ kú ààwẹ̀, Ọlọ́run á gbà á. Kí igi tó lè dé sáìtì fún ọjọ́ 14 tí a jọ mú, owó àsansílẹ̀ gbọ́dọ̀ dé Dei-Dei ní Ọjọ́bọ̀, 3 oṣù kẹrin. Nítorí ìsinmi ọdún, ọjọ́ Ẹtì yìí ló kẹ́yìn tí mo lè gba ìwé lọ́wọ́ yín. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, 28 oṣù kẹrin ni mo tún lè bẹ̀rẹ̀, torí àwọn káfíńtà mi ti gba iṣẹ́ mìíràn sílẹ̀ ní Keffi. Ṣé ìlà kan wà nínú ìwé náà tí kò tẹ́ yín lọ́rùn? Mo lè wá lẹ́yìn ìṣínu ká jọ kà á."

Wọ́n pè mí lálẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n ní, "Ìlà kẹsàn-án yẹn, ọ̀gbẹ́ni, kò yé mi o." Ìlà tó ní owó lè yí padà bí ọjà bá wọ́n ni. Alhaji ti ń rò ó pé bí àwọn bá buwọ́ lù ú, mo lè gbé ₦9,000,000 di ₦12,000,000 lójú ọ̀nà. Láti bí ọjọ́ méjìlá nìyẹn ti ń jẹ wọ́n lọ́kàn, ṣùgbọ́n wọn ò fẹ́ sọ ọ́ kó má dà bíi pé wọ́n fura sí mi. Mo tún un kọ: tí owó àsansílẹ̀ bá ti wọlé, iye kò ní yí padà, àfi bí wọ́n bá yí àwòrán òrùlé náà.

Ọjọ́ Ẹtì lẹ́yìn Jímọ́ọ̀, mo mú ẹ̀dà méjì lọ sílé wọn. Wọ́n ti buwọ́ lu èyí tí akọ̀wé wọn tẹ̀, ó wà nínú àpòòwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo dàbínù. Mo ṣí ojú ewé kẹrin: ìlà kẹsàn-án àtijọ́ ló ṣì wà níbẹ̀! Ẹ̀dà àkọ́kọ́ ni akọ̀wé tẹ̀. Ká ní mo gbà á lọ bẹ́ẹ̀ ni, èyí tó ń bà wọ́n lẹ́rù ni wọn ì bá buwọ́ lù. A fi tuntun rọ́pò rẹ̀, a jọ buwọ́ lu ojú ewé kọ̀ọ̀kan, àbúrò wọn sì ṣe ẹlẹ́rìí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kọ "Ẹ̀dà 2" pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ gbogbo ojú ewé.

Igi dé sáìtì ní 12 oṣù kẹrin. Ẹ̀yin ńkọ́?

Alásè Garki

Ẹ kú iṣẹ́, bọ̀dá. Èmi ò kì í yọ ara mi lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀. Tí oníyàwó bá ti kọ "ó dáa" sí mi lórí Wasáàpù, àdéhùn ti wà nìyẹn. Mo ń ra ìrẹsì mi. Ìwé yẹn kàn jẹ́ àṣà lásán ni.

Lọ́yà Wuse

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ẹ jàre dé ìdajì. Lóòótọ́, àdéhùn lè wà láìsí ìwé kankan, òfin ẹ̀rí ọdún 2011 sì fàyè gba ohun tí a kọ lórí fóònù àti ìbuwọ́lù orí ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n "ó dáa" sí kí ni? Sí iye owó ni àbí sí ọjọ́, sí ẹ̀dà àkọ́kọ́ ni àbí sí ìkejì? Ibi tí ẹjọ́ ti ń dàrú nìyẹn. Bí ẹ bá máa lo Wasáàpù, ẹ jẹ́ kí oníbàárà kọ ọ́ jáde pé: "Mo gba ẹ̀dà kejì tí ẹ fi ránṣẹ́ ní 24 oṣù kẹta, owó rẹ̀ jẹ́ ₦9,000,000." Ìyẹn ṣeé dúró lé ju àwòrán ọwọ́ tó na àtàǹpàkò sókè lọ.

Nǹkan kan tún wà tó ń dá ìwé dúró ní Abuja yìí. Tó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ ni oníbàárà, ẹ lè máa retí òǹtẹ̀ títí tí ọ̀gá á fi rìnrìn àjò. Láti ìgbà òfin CAMA ọdún 2020, òfin tó ń darí àwọn ilé-iṣẹ́, kò pọn dandan kí ilé-iṣẹ́ ní èdìdì mọ́. Ẹ béèrè lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé ta ni yóò buwọ́ lù ú, àti pé ta ni yóò dúró bí ẹni náà kò bá sí nílé.

Ìyá Ìbejì Lugbe

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Lándìlọ́ọ̀dù mi ló mú ìwé ilé lọ láti oṣù kìíní, kò dá tèmi padà, mo sì ti san owó ọdún kan. Ṣé kí n kọ irú àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn sí i ni?

Lọ́yà Wuse

Tiyín yàtọ̀ díẹ̀, ìyá, nítorí ẹ ti san owó, ẹ sì ti ń gbé inú ilé. Ẹ tọ́jú rìsíìtì yín, kí ẹ sì fi lẹ́tà béèrè ẹ̀dà yín. Ẹ wá bá mi sọ̀rọ̀ níkọ̀kọ̀.

Akọ̀wé Àná, Kaduna

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ láti apá kejì. Ọdún márùn-ún ni mo fi jókòó síbi tí ìwé àdéhùn ń gbà wọlé nínú àjọ kan níhìn-ín. Ẹ̀yin máa ń pe ọ̀gá tó gbé iṣẹ́ fún yín. Ọ̀gá yẹn ti sọ pé òun gbà, lójú tirẹ̀ iṣẹ́ tirẹ̀ ti parí. Ìwé yín wà lórí tábìlì ẹni tó ń ṣírò owó, ó ń wá nọ́ńbà báńkì yín tí ẹ kò kọ síbẹ̀, ó sì ń tijú láti pe ẹni tí kò mọ̀ rí.

Ọkùnrin kan tó ń tẹ ìwé fún wa ló mọ ọ̀nà rẹ̀. Kì í béèrè pé ṣé wọ́n ti buwọ́ lù ú. Ìbéèrè tirẹ̀ ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀dọ̀ ta ló wà báyìí?" Màá dáhùn, torí mo mọ ọ̀dọ̀ ẹni tó wà. Lẹ́yìn náà á ní, "Kí ló kù tí mo lè mú wá fún ẹni náà?" Ìwé tirẹ̀ kì í pé ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ wa. Tó bá sì ti di ọ̀sẹ̀ méjì tó kẹ́yìn nínú ọdún, ẹ má retí nǹkan kan lọ́dọ̀ wa, àwọn tó ń buwọ́ lùwé ti lọ sílé ọdún.

Oníkànga Kano

Bí mo ṣe ń ka èyí, àyà mi ń dùn mí. Mo ti gbẹ́ kànga ẹ̀rọ kan níbí láìsí ìbuwọ́lù. Oníbàárà ń pè mí ní "ràǹkádédé" lórí fóònù, ó ní kí n máa bọ̀, ìwé ń bọ̀ lẹ́yìn. Mo ra dísù, mo gbé ẹ̀rọ lọ. A dé ìwọ̀n mítà 40, àpáta le, omi ò sí. Nínú ìwé tèmi, mítà kọ̀ọ̀kan tó bá kọjá 40 ní owó tirẹ̀. Ó ní òun ò buwọ́ lu nǹkan bẹ́ẹ̀ rí. Òótọ́ ló sọ. Èmi ni mo san owó dísù láti 40 dé 63.

Onípáànù Kubwa

Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ìrora yẹn kì í tètè lọ. Lóde òní, tí oníbàárà bá ń fẹ́ kí n wọ sáìtì kí ìwé tó dé, lẹ́tà ojú ewé kan ni mo ń kọ: wíwọn ilé nìkan, iye báyìí, kò ju ọjọ́ méjì lọ. Mi ò ní ra igi, mi ò ní gbé àkàbà. Wọ́n á buwọ́ lu ìyẹn kíákíá torí ó kúrú.

Lọ́yà Wuse

Ó dára, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé wíwọn yẹn kì í ṣe ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ńlá. Mo ti rí ẹni tí wọ́n fi irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ mú pé ó ti bẹ̀rẹ̀, ó sì ti pẹ́.

Alásè Garki

Mo gbọ́ o, lọ́yà. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún mi: oníyàwó tí ìgbéyàwó rẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ méjì, tí mo bá sọ fún un pé tí kò bá buwọ́ lù ú ní Ẹtì, màá gbé ọjọ́ rẹ̀ fún ẹlòmíràn, kò ní lọ sọ́dọ̀ alásè mìíràn bí?

Onípáànù Kubwa

Ó lè lọ, ẹ̀gbọ́n. Oníbàárà mi kan ní Jabi lọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n èmi kì í sọ ọ́ àfi tó bá jẹ́ òótọ́. Àwọn káfíńtà mi ń lọ Keffi lóòótọ́, bí Alhaji bá pè wọ́n, ohun kan náà ni wọ́n máa gbọ́. Tí kò bá sí ẹlòmíràn tó ń dúró de ọjọ́ náà, mi ò ní sọ pé ó wà.

Akọ̀wé Àná, Kaduna

Èmi ò gbà pátápátá. Ní tiwa, ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀gá á ní kí a wá ẹlòmíràn, bó tilẹ̀ jẹ́ òótọ́. Ọjọ́ igi ni kí ẹ sọ, kí ẹ fi ti Keffi sílẹ̀.