Kọ́ńpìnì fún wa ní maṣíìnì ìfúnpá lọ́fẹ̀ẹ́, kí la máa kọ síbi owó àti kọ́nfílíìtì?

Adúnní Ìlera
Ẹ káàsán o ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, àárọ̀ ọ̀la la fẹ́ fi péépà ránṣẹ́ sí jọ́nà. Àwa méje la kọ ọ́, lórí ìfúnpá àwọn tó ń wá sáwọn ilé ìlera kéékèèké n'Íbàdàn, a fi maṣíìnì oníbátìrì wé èyí táwọn nọ́ọ̀sì ń fọwọ́ fún. Owó TETFund tó gba yunifásítì wa wá la fi san àwọn tó gba détà. Àwọn maṣíìnì náà, kọ́ńpìnì tó ń tà á ló kó o fún wa, a ò san kọ́bọ̀. Ọ̀kan nínú wa tún ti lọ ṣe lẹ́kíṣọ̀ fún wọn lọ́dún tó kọjá, wọ́n sì fún un lówó. Ọ̀gá wa ní ká kàn kó èyí tó wà nínú péépà wa àtijọ́ síbẹ̀: TETFund ló sanwó, ẹni tó sanwó ò lọ́wọ́ sí bá a ṣe ṣiṣẹ́ tàbí bá a ṣe kọ péépà, kò sẹ́ni tó ní kọ́nfílíìtì, ìyẹn ni pé kò sẹ́ni tó ń jẹ àǹfààní kan tó lè kó bá iṣẹ́ náà, gbogbo wa la jọ ṣe gbogbo ẹ̀. Ọkàn mi ò balẹ̀ rárá.

Lékan B.
Ọ̀gá yín ò fi bẹ́ẹ̀ jẹ̀bi jàre. Owó ni wọ́n ń béèrè níbi owó, maṣíìnì kì í ṣe owó. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ kọ́ńpìnì yẹn nísàlẹ̀ péépà, ó parí. Ẹni tó gba owó lẹ́kíṣọ̀ ni kó sọ tiẹ̀, ìyẹn ò ṣe é fi pamọ́.

Ọmọ Ẹ̀gbá
Tó bá jẹ́ owó tí jọ́nà máa gbà lọ́wọ́ yín ni, ẹ kọ̀wé sí wọn kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́, àwọn kan máa ń dín in kù fún wa ní Nàìjíríà.

Adúnní Ìlera
Ẹ ṣé, kì í ṣe ìyẹn ni mo ń béèrè o. Ohun tá a máa kọ sínú péépà ni.

Bàbá Édítọ̀
Lékan, ó tọ̀nà lórí owó lẹ́kíṣọ̀, kò tọ̀nà lórí maṣíìnì. Ẹ ṣí fọ́ọ̀mù ICMJE, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn édítọ̀ jọ́nà ìṣègùn, ìbéèrè àkọ́kọ́ pàá tó wà níbẹ̀ ni gbogbo ìrànlọ́wọ́ tẹ́ ẹ rí gbà fún péépà yìí fúnra ẹ̀: owó, èlò iṣẹ́, ẹni tó bá yín kọ ọ́, ẹni tó san owó jọ́nà, kò sì ní gbèdéke ọdún. Àwọn ìbéèrè tó kù ló ní gbèdéke oṣù 36, ibẹ̀ ni owó lẹ́kíṣọ̀ bọ́ sí, ọdún tó kọjá ṣì wà nínú ẹ̀ dáadáa. Kò ní kó sọ iye tó gbà, orúkọ kọ́ńpìnì àti pé owó lẹ́kíṣọ̀ ni ti tó.

Nítorí náà ibi owó máa ní ìlà méjì. TETFund san owó àwọn tó gba détà, kẹ́ ẹ kọ nọ́ńbà tó wà lórí lẹ́tà tí wọ́n fi fún yín lówó gẹ́lẹ́ bó ṣe wà. Kọ́ńpìnì báyìí fún wa ní maṣíìnì lọ́fẹ̀ẹ́. Maṣíìnì yẹn gan-an ni péépà yín ń dán wò, ìdí nìyẹn tí kò fi lè wà ní ìdúpẹ́ nìkan. Ẹni tó ń kà á gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á ló ti wá.

Adúnní, mo fẹ́ bi ẹ́ ní nǹkan kan. Ṣé kọ́ńpìnì yẹn ti rí péépà yìí?

Adúnní Ìlera
Wọ́n ti rí i sà. Ọ̀gá wa fi ránṣẹ́ sí wọn lóṣù tó kọjá, wọ́n ní ká yọ gbólóhùn kan, èyí tá a ti sọ pé maṣíìnì náà ń ka ìfúnpá àwọn tí apá wọn tóbi ga ju bó ṣe yẹ lọ. A yọ ọ́.

Bàbá Édítọ̀
Háà. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí o. Gbólóhùn "kò lọ́wọ́ sí i" tẹ́ ẹ fẹ́ kó láti inú péépà àtijọ́ ti di irọ́. Ó ṣì jẹ́ òótọ́ fún TETFund, kì í ṣe òótọ́ fún kọ́ńpìnì, ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀.

Àkọ́kọ́, ẹ dá gbólóhùn yẹn padà. Ohun tó wà nínú détà yín ni, gbogbo wa la sì mọ̀ pé tí ìgbànú tá a ń so mọ́ apá bá kéré ju apá lọ, nọ́ńbà máa ga lásán, ẹni tí kò ṣàìsàn lè bẹ̀rẹ̀ sí í lo oògùn. Lẹ́yìn náà ẹ kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀: kọ́ńpìnì kó maṣíìnì wá, kò sí níbi tá a ti ṣètò iṣẹ́ tàbí ṣírò détà, ó ka péépà kó tó lọ sí jọ́nà, ó ní ká yọ gbólóhùn kan lórí ìwọ̀n apá, a kọ́kọ́ yọ ọ́, a sì dá a padà, àwa la pinnu ohun tó wà níbẹ̀. Kò sí édítọ̀ tó máa tìtorí ìyẹn lé yín. Tí wọ́n bá wá gbọ́ ọ níbòmíì lẹ́yìn tó jáde ni wàhálà.

Ìyá Ìbejì, oníṣirò
Ẹ kú iṣẹ́ sà. Tèmi yàtọ̀ díẹ̀. Ẹnì kan tá a jọ kọ péépà ní ká kọ nọ́ńbà gíráǹtì tí òun gbà lọ́wọ́ NIH ti Amẹ́ríkà síbẹ̀, gíráǹtì yẹn ò san nǹkan kan nínú iṣẹ́ wa, ó kàn fẹ́ kí péépà pọ̀ nínú ìjábọ̀ tó máa fi ránṣẹ́ sí wọn ni. Mo kọ̀ jálẹ̀. Adúnní, ẹ béèrè lọ́wọ́ gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe nínú gúrúùpù Wọ́ńsáàpù, àwọn èèyàn kì í sọ̀rọ̀ owó lójú ọ̀gá.

"Gbogbo wa la jọ ṣe gbogbo ẹ̀" yẹn ńkọ́? Ta ló ṣe kí ni?

Adúnní Ìlera
Èmi ni mo kọ ọ́, èmi àti ẹnì kan la ṣètò iṣẹ́, ẹnì kan ṣírò, àwọn mẹ́ta kà á wọ́n sì tún un ṣe. Ọ̀gá ẹ̀ka wa ò ṣe ju pé ó bu ọwọ́ lu lẹ́tà lọ. Nọ́ọ̀sì kan ló bójú tó bí wọ́n ṣe ń wọn ìfúnpá látìbẹ̀rẹ̀ dópin, òun ò sí nínú àwa méje. Ó sì tún kù, tá a bá fi lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ kọ ẹni tó ṣe kí ni, àwa méjì la ń jẹ́ A.O.A.

Bàbá Édítọ̀
Nọ́ọ̀sì yẹn ló yẹ kó dùn yín jù. Iṣẹ́ détà tó ṣe ti gbé e dé ẹnu ọ̀nà àtidi òǹkọ̀wé, ohun tó kù ni kó ka péépà, kó dá sí i, kó fọwọ́ sí i, kó sì gbà láti dáhùn fún un. ICMJE ní kẹ́ ẹ fún un láyè yẹn, ẹ ò lè torí pé kò tíì kà á yọ ọ́, nígbà tó jẹ́ ẹ̀yin lẹ ò fún un kà. Tó bá gbà, `Investigation` lẹ máa mú fún un nínú àwọn iṣẹ́ 14 ti CRediT, ìyẹn àkọsílẹ̀ irú iṣẹ́ tí òǹkọ̀wé kọ̀ọ̀kan ṣe. `Funding acquisition` tàbí `Supervision` nìkan kì í sọ èèyàn di òǹkọ̀wé, ká tó wá sọ ti ẹni tó bu ọwọ́ lu lẹ́tà. Ibi ìdúpẹ́ ni kẹ́ ẹ fi irú wọn sí, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i kẹ́ ẹ tó kọ orúkọ wọn. Ẹ̀yin A.O.A. méjèèjì, ẹ kọ orúkọ yín ní kíkún.

Lékan B.
Ó rọrùn láti sọ sà. Ọ̀gá ẹ̀ka yẹn ló máa fọwọ́ sí ìgbéga Adúnní. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ lọ forí gbárí.

Ìyá Ìbejì, oníṣirò
Ìyẹn náà lóòótọ́. Ẹ fún ọ̀gá ẹ̀ka yẹn ní péépà kí wọ́n kà á, kí wọ́n dá sí ìtumọ̀ èsì.

Bàbá Édítọ̀
Kíkà nìkan ò tó, Ìyá Ìbejì. Wọ́n gbọ́dọ̀ ti ṣe nǹkan gidi nínú ìṣètò, détà tàbí ìtumọ̀ èsì. Tí wọ́n bá jókòó ti èsì yẹn lóòótọ́, mi ò ní jiyàn. Tó bá jẹ́ ojúsàájú lásán, mi ò lè gbà á.

Adúnní Ìlera
Ẹ ṣeun gan-an ni. A ò fi ránṣẹ́ lọ́la mọ́. Mo ti pe nọ́ọ̀sì, mo ti fi péépà ránṣẹ́ sí i. Ìbéèrè kan ló kù: ọkọ ọ̀kan nínú wa ń ṣiṣẹ́ nílé ìtajà tó ń gba maṣíìnì yẹn lọ́wọ́ kọ́ńpìnì. Ṣé ó yẹ kó sọ ọ́?

Lékan B.
Ìyẹn ti jìnnà jù. Ọkọ ò kọ péépà.

Bàbá Édítọ̀
Èmi á ní kó sọ ọ́, tórí owó tó ń wọlé ọkọ, inú ilé kan náà ló ń wọ̀. Ṣùgbọ́n jọ́nà ò dọ́gba lórí ẹbí, ẹ kọ ìmeèlì sí édítọ̀ jọ́nà yẹn kẹ́ ẹ bi í.

Adúnní Ìlera
Màá kọ ọ́ lálẹ́ yìí sà.