Ibi tí oníṣòwò yìí ti kọ́ sùúrù ni mo há sí
Ẹ̀yin tó ń kọ ìtàn, ẹ gbà mí. Nínú ìtàn tí mò ń kọ, obìnrin kan ń ta gààrí lọ́jà Kàbà. Àwọn kan ní kó kó owó wá, pé á di ìlọ́po méjì lóṣù kan. Ó fi 20,000 náírà dán an wò, wọ́n san 40,000, ló bá kó gbogbo owó àjọ rẹ̀ sí i. Owó àwọn tó wọlé lẹ́yìn ni wọ́n fi ń sanwó fáwọn tó ṣáájú, owó rẹ̀ bá wọgbó.

Mo jẹ́ kí pásítọ̀ gbà á níyànjú, ó di ìwàásù. Mo fo ọdún kan, sùúrù ṣàdédé yọ. Ní báyìí ó ti padà sọ́dọ̀ alájọ: 500 lójúmọ́, owó ọjọ́ kan lóṣù sì jẹ́ ti alájọ.

Kí ló lè ṣẹlẹ̀ nídìí igbá gààrí rẹ̀ tí òǹkàwé á fi rí sùúrù náà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dárúkọ rẹ̀?