Ara ọmọ mi ń sú, ó sì ń yún un gan-an: ṣé èéyi ni?

Ìyá Tómi
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òbí, ẹ gbà mí. Láti ọjọ́ Ajé ni ara ọmọ mi ti ń sú, ó ń họra bí ẹni tí ìjàlọ wọ̀ láṣọ. Gbogbo ilé ti di ìjà. Ìyá ọkọ mi ní ẹyin tí mò ń fún un ló fà á. Olùkọ́ rẹ̀ pè mí pé kí n wá gbé e, ó sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn bíi pé mi ò kì í wẹ ọmọ. Ọkọ mi ní òun ò lówó ọsibítù nítorí ara yíyún. Mo ti pààrọ̀ ọṣẹ ìwẹ̀, mo ti pààrọ̀ ọṣẹ ìfọṣọ, ńṣe ló ń pọ̀ sí i. Ọmọ ò sùn, èmi náà ò sùn. Kí ni kí n fi pa á?

Ìyá Àgbà
Èéyi ni, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ẹ wá ògidì ẹmu, ẹ fi wẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ àti lálẹ́, kẹ́ ẹ sì fún un mu díẹ̀ kó lè sú jáde tán. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gún un lábẹ́rẹ́ o! Abẹ́rẹ́ ló ń pa ọmọ tí olóde bá mú.

Bàbá Fiyin
Màámi, ẹ má bínú, èéyi kì í yún ọmọ tó báyìí. Tó bá sì ti gba abẹ́rẹ́ oṣù 9, èéyi ò lè mú un mọ́. Ara rẹ̀ kọ nǹkan ni. Pírítọ̀n ni kẹ́ ẹ fún un.

Nọ́ọ̀sì Bùnmi
Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ béèrè ná. Ìyá Tómi, ẹ ò sọ ọjọ́ orí ọmọ, ẹ ò sì sọ bóyá ara rẹ̀ gbóná. Níbo ló ti kọ́kọ́ sú? Ṣé ikọ́ àti ibà ló ṣáájú? Ṣé omi wà nínú èyíkéyìí? Èyí tó yọ lánàá ńkọ́, ṣé ó ṣì wà níbi tó wà?

Èéyi kì í fi ara sísú bẹ̀rẹ̀. Ibà líle, ikọ́, ikun imú àti ojú pípọ́n ló ń ṣáájú fún bí ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ara á wá sú láti ẹ̀yìn etí àti ibi tí irun ti bẹ̀rẹ̀, á sọ̀ kalẹ̀ sójú, sí àyà, títí dé ẹsẹ̀. Kì í lómi nínú. Lára ọmọ tó dúdú, pípọ́n rẹ̀ lè má hàn, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá fọwọ́ pa á, ẹ ó mọ̀ pé ó rí ṣákiṣàki.

Ṣíkínpọ́ọ̀sì, inú, àyà àti ẹ̀yìn ló sábà máa ń kọ́kọ́ yọ sí, àti àárín irun orí. Á di ìléròrò olómi, á gbẹ, á di èépá. Òmíràn á sì tún máa yọ bí ti àkọ́kọ́ ṣe ń gbẹ, nítorí náà ẹ ó rí tuntun, olómi àti èépá pọ̀ lójú kan náà.

Tó bá jẹ́ pé ara kọ nǹkan, á wú pàlàpàlà, á sì máa ṣí kiri. Ẹ fi báírò yí ọ̀kan po lálẹ́ òní. Tí ibẹ̀ bá ti tẹ́jú lọ́la, tí ibòmíì wá wú, àlẹ́jì ni. Tí ètè tàbí ahọ́n bá wú, tàbí tó ń mí kíkankíkan, ẹ má dúró de báírò, ọsibítù ni.

Bàbá Fiyin, nínú ọmọ 100 tó gba ti oṣù 9 nìkan, nǹkan bí 85 ló ń dáàbò bò. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gba èkejì ní oṣù 15.

Ìyá Tómi
Ẹyin kan péré ni mò ń fún un lọ́sẹ̀ o, kí ẹ má baà gba ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ mi gbọ́. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni, ó wọn kílò 14. Ikùn ló ti bẹ̀rẹ̀. Ara rẹ̀ gbóná díẹ̀, kò wúkọ́. Omi wà nínú àwọn tó wà lẹ́yìn, àwọn ti ikùn ti ń gbẹ. Ọ̀kan wà láàárín irun tí mo rò pé kòkòrò ló jẹ ẹ́.

Ìyá Ìbejì
Tèmi náà, àárín ìka ọwọ́ ló ti ń yún un, òru ló sì pọ̀ jù. Ṣé kí n ra kalamáìnì?

Nọ́ọ̀sì Bùnmi
Ìyá Ìbejì, ìyẹn jọ kúrúnà, kalamáìnì ò ní pa á. Ẹ béèrè tiyín lọ́tọ̀, ká má da méjì pọ̀.

Ìyá Tómi, ṣíkínpọ́ọ̀sì ni gbogbo èyí ń tọ́ka sí. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni kẹ́ ẹ máa fi wẹ̀ ẹ́, láìsí kànìnkànìn, láìsí omi apakòkòrò. Ẹ fi aṣọ ìnura tẹ̀ ẹ́ gbẹ, ẹ má nù ún. Ẹ mi ìgò kalamáìnì dáadáa, ẹ fi òwú kán an lé ibi tó ń yún un, kò gbọ́dọ̀ kan ojú àti ẹnu. Ẹ gé èékánná rẹ̀ kúrú, torí ibi tó bá họ là ni ìdọ̀tí ń gbà wọlé. Tí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kan bá ń wú, tó gbóná, tó ń dùn ún, tàbí tí ibà tó ti lọ bá padà, ẹ gbé e lọ.

Fún ibà, parasitámọ́ọ̀lù olómi, èyí tó jẹ́ mílígíráàmù 120 nínú mílílítà 5. Mílílítà 7.5 ni fún kílò 14, wákàtí mẹ́fà láàárín, kó má ju ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lọ lójúmọ́. Ẹ ka ara ìgò, wọn kì í lágbára bákan náà. Kò gbọ́dọ̀ mu asípírìn, ẹ yẹra fún ibuprofẹ́ẹ̀nì náà.

Ìyá Àgbà
Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí! Ẹmu la fi wo gbogbo yín.

Nọ́ọ̀sì Bùnmi
Màámi, ẹ má bínú. Ọtí inú ẹmu lè fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọdé wálẹ̀, ìdọ̀tí inú rẹ̀ á sì wọ ojú egbò. Ní ti abẹ́rẹ́, àrùn ẹ̀dọ̀fóró àti ìgbẹ́ gbuuru ló sábà ń pa ọmọ tó ní èéyi. Ìgbà tí ọmọ bá ti dákú tán ni wọ́n ń gbé e dé, abẹ́rẹ́ ìkẹyìn ni wọ́n wá ń dá lẹ́bi.

Ìyá Tómi
Ẹ ṣeun. Ṣé kí n máa bá oògùn kẹ́míìsì lọ? Ó pò ó fún mi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun fún ara yíyún, ó tiẹ̀ dín in kù lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Apòògùn Kúnlé
Kí ni wọ́n kọ sára rẹ̀?

Ìyá Tómi
Ọ̀rá funfun ni. Mo pè é lórí fóònù, ó ní Pírítọ̀n àti pẹrẹdinisolóònù. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́. Ẹ má bú mi, owó tó wà lọ́wọ́ mi nìyẹn.

Apòògùn Kúnlé
Pírítọ̀n ò burú. Pẹrẹdinisolóònù ni ìṣòro. Ó ń mú kí ara má lè bá àrùn jà, ṣíkínpọ́ọ̀sì sì lè gba ibẹ̀ wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ má fún un mọ́ kí dókítà tó rí i. Ọjọ́ díẹ̀ ló mu ún, ó ṣeé dá dúró. Ẹni tó bá ti ń mu ún fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀ o.

Nọ́ọ̀sì Bùnmi
Òní ni kẹ́ ẹ lọ, kì í ṣe ọ̀la. Ẹ mú ọ̀rá oògùn náà dání. Dókítà lè fún un ní asaikilófíà. Ó máa ń ṣiṣẹ́ jù tí wọ́n bá tètè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Láti ẹnu géètì ni kẹ́ ẹ ti sọ pé ṣíkínpọ́ọ̀sì ló jọ, kí wọ́n má fi yín jókòó láàárín àwọn aboyún. Títí gbogbo rẹ̀ á fi di èépá ló ń ràn.

Ìyá Tómi
Aboyún kẹ̀? Àbúrò mi tó lóyún oṣù mẹ́rin ló ń bá wa gbé, òun ló ń wẹ̀ ẹ́!

Nọ́ọ̀sì Bùnmi
Ṣé ó ti ṣe é rí ní kékeré?

Ìyá Tómi
Mi ò mọ̀. Ẹ jẹ́ n pe màámi.

Nọ́ọ̀sì Bùnmi
Kó bá yín lọ, bẹ́ẹ̀ náà ni kó ti ẹnu géètì sọ tiẹ̀.